Ohun Tí Kò Pa Alángbá Lè Pa Ọ̀pọ̀lọ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ la gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àmì ohùn orí rẹ̀ dáadáa o: ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò kiri lẹ́yìn òjò là ń sọ, kì í ṣe ọpọlọ tí ẹ fi ń ṣe ìdánwò. A ó mú alángbá mọ́ ọn, nítorí inú ọgbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, èèrà kan náà ni wọ́n ń jẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ ni wọ́n.

Nílé ẹ̀kọ́ girama, gbogbo wa la ya tábìlì yẹn sínú ìwé. Ní apá kan, àwọn ẹ̀dá jomijòkè: ọ̀pọ̀lọ́, àkèré, kọ̀nkọ̀. Ní apá kejì, àwọn afàyàfà: alángbá, ọmọnílé, ọ̀gà, ejò, ìjàpá, ọ̀nì. Awọ àwọn ti àkọ́kọ́ tutù, ti àwọn èkejì gbẹ, ó sì ní ìpẹ́. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń yé ẹyin sínú omi, àwọn èkejì ń yé e sórí ilẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń fi awọ àti ẹ̀dọ̀fóró mí, àwọn èkejì ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ ibi tó ní ọ̀rinrin, àwọn èkejì lè gbé ibi gbígbẹ. A há a sórí, a gba máàkì, a gbàgbé ẹ̀.

Ohun tí tábìlì yẹn kò sọ fún wa ni pé ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ara ọ̀pọ̀lọ́ dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn: omi ń wọlé, omi ń jáde. Alángbá ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ pa, ó sì kó omi tí yóò lò pamọ́ sínú. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní í há nǹkan kan sórí mọ́. Ọ̀rọ̀ kòtò kan àti lánlọ́ọ̀dù wa ló jẹ́ kó yé àwa.

Àwa mẹ́rin la jọ háyà ilé kan ní Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn ilé náà, àwọn bíríkìlà ti gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì nígbà tí wọ́n ń mọ ọgbà. Kò tóbi: ó gùn tó ènìyàn kan tó dùbúlẹ̀, ó sì jìn dé orúnkún. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lóṣù kẹrin, ó kún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, igbe ọ̀pọ̀lọ́ kò jẹ́ ká sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí okùn gígùn tín-ín-rín kan, nǹkan dúdú kéékèèké tò sínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó sì lọ́ mọ́ koríko inú omi náà káàkiri. Ẹyin ni.

Lọ́jọ́ kejì, lánlọ́ọ̀dù wa wá wo kòtò náà. Wọ́n ní àwọn máa da kẹrosíìnì sí i nítorí ẹ̀fọn, àwọn á sì fín oògùn apakoríko yí etí rẹ̀ ká. Bàbá kò jẹ̀bi: ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. A ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹyin fún wọn, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí alángbá olórí pupa kan tó ń mi orí lórí ògiri. Wọ́n ní, “Lọ́dún tó kọjá, mo fín oògùn yìí, alángbá kankan ò kú. Oògùn tí kò pa alángbá, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni yóò wá pa?”

A ní, “Bàbá, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A ó máa fi asẹ́ gbọ́n tanwíjí inú rẹ̀ dànù láràárọ̀, a ó sì fi àdá ṣán koríko náà fúnra wa.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọn bá fi lè pọ̀ sí i, àwọn kò ní í bi ẹnikẹ́ni kí àwọn tó gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì. Bí a ṣe fi orí ara wa há nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Bàbá kì í ṣe ìbéèrè ẹ̀gàn. Bí a bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, gbogbo tábìlì yẹn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ. Bí ẹ bá wo ọ̀pọ̀lọ́, ara rẹ̀ rí wúruwùru, ó kún fún kókó, ó sì lè jọ pé ó gbẹ. Ibẹ̀ ló ti ń tan ènìyàn jẹ. Awọ yẹn fẹ́lẹ́, kò sí ìpẹ́ kankan lórí rẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín sì wà nítòsí òkè rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi. Lábẹ́ ikùn rẹ̀, níbi tí itan méjèèjì ti pàdé, awọ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ. Yóò fi ibẹ̀ jókòó lé ilẹ̀ tútù, yóò sì máa fa omi sára bíi kànrìnkàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀lọ́ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ ìkòkò omi tí kò mira, ẹ má rò pé ó ń sùn. Omi ló ń mu.

Ti alángbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí èékánná wa jẹ́ ni ìpẹ́ rẹ̀ jẹ́, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà nínú awọ náà tí kì í jẹ́ kí omi ráyè kọjá. Ẹnu ló fi ń mu omi, ó sì ń rí púpọ̀ nínú omi tó nílò láti ara kòkòrò tó ń jẹ. Bó ṣe ń rí omi gbà, bẹ́ẹ̀ náà ló mọ̀ ọ́n ṣọ́. Ẹ wo ìgbẹ́ ọmọnílé lára ògiri yàrá yín: ó dúdú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kan funfun. Funfun yẹn ni ìtọ̀ rẹ̀. Àwọn alángbá àti ọmọnílé kì í da omi nù nítorí ìtọ̀ bíi tiwa. Wọ́n ń sọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ di nǹkan funfun bí ẹfun, wọ́n á sì yà á mọ́ ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ní tirẹ̀ ń tọ̀ ìtọ̀ olómi. Àní omi inú àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló máa ń fà padà sára nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kéèyàn máa gbá ọ̀pọ̀lọ́ mú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀: bí ẹ̀rù bá bà á, yóò tọ̀ sí yín lọ́wọ́, omi tó fi pamọ́ sì lọ nìyẹn.

A fẹ́ fojú ara wa rí i. A gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan sínú ike kan, alángbá kan sínú òmíràn, a dá ihò sí àwọn ike náà lára, a sì gbé wọn sábẹ́ ibòji láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun la lò. Ọ̀pọ̀lọ́ náà wọ̀n tó gíráàmù 38 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́ta, ó ti di 34. Ti alángbá kò yí padà tó gíráàmù kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ìsàlẹ̀ ike dáadáa, nítorí bí ọ̀pọ̀lọ́ bá tọ̀ tàbí tí alángbá bá yàgbẹ́, òṣùwọ̀n yóò tàn yín jẹ. Tiwa gbẹ. Lẹ́yìn náà, a gbé ọ̀pọ̀lọ́ sínú àwo tí omi inú rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Kò fi ẹnu kan omi náà rárá. Láàárín wákàtí kan, ó ti padà sí 37. A sì tú àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Awọ tó ń gba omi wọlé bẹ́ẹ̀, kò lè yan èyí tí yóò gbà pátápátá. Ohun tó bá pò mọ́ omi lè bá omi wọlé. Ìdí nìyí tí iyọ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń dà sí ọ̀pọ̀lọ́ lára fi jẹ́ ìyà ńlá fún un: iyọ̀ náà ń fa omi ara rẹ̀ jáde. Ẹ da iyọ̀ kan náà sí alángbá lára, yóò gbọ̀n ọ́n nù, yóò bá tirẹ̀ lọ. Àìsàn kan tiẹ̀ wà káàkiri ayé, tí ẹ̀dá kan láti inú ẹbí olú, èyí tí ojú lásán kò lè rí, ń fà. Ìparí ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn onímọ̀ dá a mọ̀. Awọ nìkan ló ń bàjẹ́ lára àwọn jomijòkè, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ irú àkèré ló ti tán nílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí awọ náà kò bá lè ṣọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́, ọkàn yóò dúró. Fún wa, àìsàn awọ jẹ́ ọ̀rọ̀ yíyún ara. Fún ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ mímí, nítorí awọ kan náà ni. Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n ọ̀pọ̀lọ́: kì í dúró sójú kan, ó ń lọ sókè sódò. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní egungun ìhà tó lè fẹ àyà rẹ̀, nítorí náà ńṣe ló ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Yóò gba afẹ́fẹ́ láti imú sínú ẹnu, yóò pa imú dé, yóò wá ti afẹ́fẹ́ náà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni ń fọn táyà kẹ̀kẹ́. Ìyẹn nìkan kò tó o. Ó tún ń gba ọ́síjìn láti ara awọ, awọ yẹn náà sì ni púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ burúkú inú ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò lè kọjá lára awọ tó gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yòrò sínú omi ojú awọ. Ọ̀pọ̀lọ́ tí ara rẹ̀ bá gbẹ pátá ti pàdánù ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, omi àti èémí.

Alángbá ní egungun ìhà, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ bíi tiwa láti fa afẹ́fẹ́ wọlé. Orí tó ń mì sókè sódò lórí ògiri kò kan èémí rárá. Àwọn alángbá yòókù ló ń bá sọ̀rọ̀ pé ibẹ̀ ní onílé. Ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ ó tún rí i pé alángbá kì í sáré lọ jìnnà láìdúró: yóò sáré fìrì, yóò dúró, yóò tún sáré. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé bó bá ń sáré, ara rẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, iṣan ẹ̀gbẹ́ tó sì fi ń mí ló tún fi ń tẹ ara. Ó ṣòro láti ṣe méjèèjì pọ̀. Ohun tó san padà fún un ni pé awọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ mímí, ó sì lè gbẹ bó bá ṣe wù ú, kó sì máa yá oòrùn lórí páànù lọ́sàn-án gangan.

Nínú kòtò wa, ọ̀rọ̀ mímí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Légbénlègbé, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi, ń mí bí ẹja ń mí, pẹ̀lú ẹ̀yà ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́bàá orí, irú pupa tí ẹ máa ń rí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja tútù. Ibẹ̀ gan-an ni oògùn apakoríko ti ń ṣọṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn wọ̀nyí, wọ́n máa ń fi nǹkan kan tó dà bí ọṣẹ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Nǹkan bí ọṣẹ yẹn ń ba ibi tí légbénlègbé fi ń mí jẹ́. Lọ́dún 2005, Rick Relyea, onímọ̀ ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí jáde tó fi hàn pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa légbénlègbé rẹpẹtẹ nínú omi. Kẹrosíìnì náà kò yàtọ̀. Tanwíjí máa ń rọ̀ sí ojú omi láti fa afẹ́fẹ́, kẹrosíìnì á sì dí i nímú. Ṣùgbọ́n epo náà kò mọ tanwíjí yàtọ̀ sí légbénlègbé, pàápàá nígbà tí légbénlègbé bá ti dàgbà tó ń wá sí ojú omi láti gbé afẹ́fẹ́ mì.

Ìdáhùn ìbéèrè Bàbá ti ń jáde báyìí. Alángbá kò kú nítorí pé oògùn náà bá ìpẹ́ gbígbẹ pàdé, kò bá awọ tó ṣí sílẹ̀ pàdé. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹyin, níbi tí ìyàtọ̀ wọn ti pọ̀ jù.

Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ kò ní èèpo. Abo ń yé e sínú omi, akọ tó dì mọ́ ọn lẹ́yìn sì ń da àtọ̀ lé e lórí níbẹ̀. Ó lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní í dúró ṣọ́ ọ. Ohun tó ń yọ̀ bí ilá yẹn nìkan ni ààbò ẹyin náà. Omi kòtò ló ń gbé e dúró, omi kòtò ló ń fún un ní ọ́síjìn, omi kòtò náà ló ń gba ìdọ̀tí ara rẹ̀. Bí ẹ bá mú okùn ẹyin yẹn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbẹ mọ́lẹ̀.

Ẹyin alángbá dà bí kòtò omi kékeré tí wọ́n fi awọ wé. Èèpo rẹ̀ rọ̀ bí awọ, kò le bíi ti adìyẹ. Nínú rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yí ọmọ ká pẹ̀lú omi nínú, ọmọ náà sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àpò kejì ni pupa ẹyin, oúnjẹ rẹ̀. Àpò kẹta ń gba ìdọ̀tí. Awọ kẹrin yí gbogbo wọn ká, afẹ́fẹ́ sì ń gba ara rẹ̀ àti ara èèpo wọlé. Gbogbo iṣẹ́ tí kòtò ń ṣe fún ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, àwọn awọ yìí ló ń ṣe é fún ọmọ alángbá. Nítorí èèpo yìí náà ni akọ kò fi lè da àtọ̀ lé e lórí láti ìta. Inú abo ni wọ́n ti ní láti pàdé kí èèpo tó bò ó. Ẹyin díẹ̀ ni abo alángbá sì ń yé, bíi márùn-ún sí méje, nítorí owó kékeré kọ́ ló ń náni láti di ẹrù ọmọ báyìí.

Ẹ má rò pé ẹyin náà kò bẹ̀rù nǹkan kan o. Ó nílò ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, ó sì nílò ooru oòrùn. Ní Dàkár, lọ́dún 1966, Madeleine Charnier kọ̀wé lórí irú alángbá olórí pupa tó wà lára ògiri wa yìí gan-an. Ó rí i pé ẹyin tó wà ní ibi tó tutù díẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abo gbogbo, èyí tó wà níbi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ akọ. Ooru ilẹ̀ ló ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá mọ̀ lára ìjàpá àti ọ̀nì lẹ́yìn náà, ara alángbá ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé jomijòkè ni ọ̀nì nítorí pé inú omi ló ń gbé, ẹyin ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ọ̀nì àti ìjàpá òkun lè lo ọ̀pọ̀ àkókò nínú omi, ṣùgbọ́n bí àsìkò ẹyin bá tó, wọ́n gbọ́dọ̀ jáde wá sórí ilẹ̀. Ìjàpá òkun ń gun etíkun Èkó lóru láti wa ihò sínú yanrìn, nítorí bí ẹyin rẹ̀ bá wà nínú omi, ọmọ inú rẹ̀ kò ní í rí èémí. Ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé ilẹ̀, ó ń wá omi yéyin sí. Ìjàpá òkun ń gbé omi, ó ń wá ilẹ̀ yéyin sí. Lóòótọ́, àwọn kan yapa. Lórí òkè Nimba, níbi tí Gíní àti Kodifúà ti pààlà, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tó ń bí ọmọ lóòyẹ̀, tí kò nílò kòtò kankan. Ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ṣì jẹ́ awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀rinrin orí òkè náà kò gbọdọ̀ tán.

Ká padà sí ẹ̀yìn ilé. Lọ́jọ́ kẹta, ẹyin ti pa, légbénlègbé dúdú kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ koríko. Láràárọ̀, a ń fi asẹ́ gbọ́n ojú omi fún tanwíjí. Kò ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀: tanwíjí ń rọ̀ sí ojú omi, bí òjìji ènìyàn bá sì bọ́ lù ú, yóò máa jà wìnnìwìnnì lọ sísàlẹ̀. Légbénlègbé ń ha eèhọ̀ ara òkúta jẹ nísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣèèṣì wọnú asẹ́, a ń dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló dẹ́rù bà wá. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Omi tó ti dé orúnkún wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó ku bí ìka mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àwọn kan ti yọ nígbà náà, ti àwọn mìíràn kò tíì yọ. Ọ̀pọ̀ irú légbénlègbé máa ń yára dàgbà bí omi bá ń gbẹ, ṣùgbọ́n ìyára yẹn ní ibi tó mọ, àwọn tó bá sì kánjú máa ń kéré. Omi kànga la ń pọn sí i nírọ̀lẹ́, korobá kan lẹ́ẹ̀kan. A kò lo omi ẹ̀rọ, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ ń jó ibi tí légbénlègbé fi ń mí. Ẹni tí kò bá ní kànga lè gbé omi ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú oòrùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó lò ó.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àsìkò yìí ló léwu jù lọ. Ibi tí ọmọ náà fi ń mí lómi ń parẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ń gba iṣẹ́, ìrù ń wọnú ara, kò sì ní í jẹun títí ìrù yóò fi tán. Bí ẹ̀gbẹ́ kòtò bá dúró ṣánṣán, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ lè kú sínú omi tó tọ́ ọ dàgbà. A fi pákó kan tẹ́ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti inú omi dé òkè. Lọ́jọ́ kejìdínlógójì, àwọn àkọ́kọ́ gun pákó náà jáde, wọn kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin, a kò rò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló jáde. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò wọ́n títí. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹ ṣe ìyàwó ọ̀pọ̀lọ́.”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, Bàbá ṣe ohun tí wọ́n ti sọ. Wọ́n ra yanrìn, wọ́n sì dí kòtò náà pa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ojú ibẹ̀ gan-an, níbi tí oòrùn ń pa tí yanrìn sì rọ̀, abo alángbá kan wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ihò, ó yéyin sí i, ó tún bò ó pa dáadáa bí ẹni pé kò sí nǹkan. A fi igi sàmì sí i. Lẹ́yìn oṣù méjì ó lé díẹ̀, àwọn ọmọ alángbá jáde látinú yanrìn náà, wọ́n rí bí ìyá wọn rí, láìní ìrù kan tí wọn yóò gbé mì, láìní omi kan tí wọn yóò bẹ̀. Ohun tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀lọ́, òun ló ṣí i fún alángbá.

Ìyẹn ni ìlà kẹrin inú tábìlì wa, ọ̀rọ̀ ibùgbé. Ọgbà tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí pátá, tí wọ́n ku yanrìn díẹ̀ sílẹ̀ létí ògiri, ó tó alángbá. Ọ̀pọ̀lọ́ nílò ibi méjì nínú ọgbà kan: ibi tútù tí yóò máa sá sí lọ́sàn-án, àti omi tí yóò dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún. Bí ọ̀kan bá sọnù, òun náà yóò lọ, kò sì ní í kú lójú yín kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ó kàn ṣàkíyèsí lọ́dún kan pé òjò rọ̀, ẹ kò sì gbọ́ igbe kankan lóru.

A ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí omi òjò orí páànù ń dà sí. Wọ́n gbà kí a gbẹ́ kòtò kékeré kan síbẹ̀ kí oṣù kẹrin tó dé, kí ó jìn dé orúnkún, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí a má fín oògùn kankan nítòsí rẹ̀, kí asẹ́ wa sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n béèrè pé kí la fẹ́ ṣe fún alángbá ní tiwọn. A ní, “Bàbá, wọn ò bẹ̀ wá ní nǹkan kan.”